Tírélà tí a ti tà, tó ṣì ń jẹ owó lórí ìwé wa

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi sọ́fítíwíà yìí tọ́jú rẹ́jísítà dúkìá ilé iṣẹ́ akẹ́rù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Odogunyan, ní Ìkòròdú. Tírélà mẹ́ta péré la fi bẹ̀rẹ̀. Báyìí, wọ́n ti di méjìlá, tàbí mọ́kànlá. Iye yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún 2024, mo tẹ rẹ́jísítà jáde, mo wọ yáàdì lọ ka ọkọ̀ kí àwọn ọ́dítọ̀ tó dé. Ìwé sọ pé méjìlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n mọ́kànlá ni mo rí. Mo tún un kà. Bàbá ọlọ́dẹ wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá Akáǹtì, ẹ wo ẹ̀yìn ilé, bóyá ó sá pamọ́ síbẹ̀." Tírélà!

Nọ́ńbà ṣásí ni mo fi mọ èyí tó sọnù: èyí tí Alájì ọ̀gá wa tà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2022 la rà á ní mílíọ̀nù 30 náírà. A gbà pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, a ó sì rí mílíọ̀nù 6 lórí àlòkù rẹ̀. Mílíọ̀nù 24 tó kù la wá pín dọ́gba sí oṣù 48, dípíríṣíéṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye tí ọkọ̀ ń dín kù lórí ìwé bó ṣe ń gbó, sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún 500 lóṣù. Lọ́jọ́ tí a tà á, oṣù 30 ti kọjá, mílíọ̀nù 15 ti lọ, 15 ló kù lórí ìwé. Mílíọ̀nù 17 la tà á. Èrè wa kò ju mílíọ̀nù 2 lọ.

Àmọ́ kàṣíà wa ti tẹ owó náà sí `Invoice`, bí ẹni pé owó ẹrù tí a kó ni. Ẹ̀bi wa nìyẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó ka mílíọ̀nù 17 sí owó iṣẹ́, ó sì ń bá dípíríṣíéṣọ̀n lọ lórí ọkọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, fún oṣù mẹ́fà gbáko. Mílíọ̀nù 3 nìyẹn. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 17: mílíọ̀nù 14 ni ìwé pè ní èrè, níbi tí ó yẹ kó jẹ́ 2. Mílíọ̀nù 12 afẹ́fẹ́! Ẹ tún wo rẹ́jísítà: 30 yọ 18, tírélà tí kò sí ní yáàdì ṣì ń jẹ́ mílíọ̀nù 12. Iye kan náà ni. Alájì sì ti ń fi èrè yẹn dúnàá-dúrà tírélà mìíràn.

Mo pe àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ní ilé iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà náà. Wọ́n fi orin há mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọkùnrin kan tó gbé e. "Mọ́mì, ẹ kàn tẹ `Delete`." Mo ní, "Ọmọ mi, bí mo bá pa á rẹ́, mílíọ̀nù 30 tí a fi rà á ní 2022 yóò pòórá pẹ̀lú gbogbo dípíríṣíéṣọ̀n rẹ̀. Ìwé 2022 àti 2023 tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí kò ní bá ti wa mu mọ́." Ó ní òun ò mọ̀yẹn o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò kúrò lójú mi. Mo pè lẹ́ẹ̀mejì sí i. `Delete` náà ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n rán arábìnrin kan wá. Ọkadà ló gbé e dé, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Inú mi rọ̀ díẹ̀. Ó fi kírẹ́díìtì nóòtì pa ìnfọ́ísì yẹn, ó ṣí `Dispose`, ojú ewé tí a fi ń yọ dúkìá tí a ti tà, ó tẹ 30/06/2024, ó so owó tó ti wọ báńkì mọ́ ọn. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ayò. Mílíọ̀nù 3 oṣù mẹ́fà yẹn yí padà fúnra rẹ̀! Àkọsílẹ̀ títà náà wá jáde ní ìlà mẹ́rin: wọ́n débíìtì àpapọ̀ dípíríṣíéṣọ̀n ní 15 àti báńkì ní 17, wọ́n kírẹ́díìtì iye tí a ra ọkọ̀ ní 30 àti èrè títa dúkìá ní 2. Èrè yẹn dúró ní àyè tirẹ̀, kò dà pọ̀ mọ́ owó ẹrù. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ra sọ́fítíwíà yìí, ta ló fi ojú ewé yẹn hàn wá?

Nǹkan kan ṣì ń dùn mí. Gbogbo ọkọ̀ tuntun tí mo bá tẹ̀ wọlé, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó kù lórí ìwé ni sọ́fítíwíà máa ń yọ lọ́dọọdún, àfi tí mo bá fọwọ́ yí i. Fún ọkọ̀ mílíọ̀nù 30, 7.5 ni yóò lọ lọ́dún àkọ́kọ́ dípò 6 tí pípín dọ́gba tiwa ń yọ. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, ọkọ̀ méjì tó jọra yóò máa gbó lọ́nà méjì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Owó ọdún tuntun ni mo san fún wọn láàárọ̀ yìí.