Míksà oní-bọ́tìnnì kan àbí oní-bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ bá máa lo fántọ̀mù?

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra míksà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ẹnu mélòó ló ní, ṣé ẹ́kò ẹ̀ dáa, ṣé ó ń gba bulutúùtù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé bọ́tìnnì 48V ara ẹ̀ ńkọ́, èyí tó ń tan iná fántọ̀mù sí máìkì, ẹnu mélòó ló ń gbé iná lọ. Bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì yẹn ni mo fẹ́ fi gbé míksà méjì wọ̀n lónìí, torí òun ló gbowó lọ́wọ́ mi. Ẹ́kò ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Irú àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ níbí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹnu máìkì ló máa gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Yamaha MG10XU wà lára wọn, ẹnu máìkì mẹ́rin, bọ́tìnnì kan. Irú kejì ni èyí tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, bíi Behringer X32 tó jẹ́ pé orí sikirínì lẹ ti máa yan ẹnu tẹ́ ẹ fẹ́ kí iná lọ, àwọn yòókù á dákẹ́. Irú àkọ́kọ́ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ́ńtà sáúndì láàárín Àkúrẹ́ sí Òǹdó, òde ìyàwó, òkú ṣíṣe, kúrúsédì, ó sìn mí dáadáa, mi ò ní bú u.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí fántọ̀mù ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Máìkì kọ́ńdénsà ní sákíìtì kékeré nínú tó nílò iná kó tó lè ṣiṣẹ́, míksà ló sì ń fún un níná náà gba inú kébù kan náà tí ohùn ń gbà padà bọ̀. Jákì kánọ̀n, orí kébù máìkì yẹn, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Míksà á fi fóòtì 48 sí ẹsẹ̀ kejì, á fi fóòtì 48 sí ẹsẹ̀ kẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba inú rẹsítọ̀ tiẹ̀ kọjá, bíi óòmù 6,800, ẹsẹ̀ kìíní ni iná á sì gbà padà sílé. 48 yẹn náà nítàn o, ilé iṣẹ́ Nọ́ímànù ló ṣe máìkì tó ń lò ó fún rédíò ìjọba Nọ́wè ní 1966, torí iná pàjáwìrì tí àwọn yẹn ní ní sítúdíò wọn ti jẹ́ fóòtì 48 tẹ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta dọ́gba. Tí méjèèjì bá jẹ́ 48, òdo ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, iná kankan ò sì ní ṣàn láti ọ̀kan sí èkejì. Wáyà wíwé inú máìkì dáínámíìkì, irú èyí tí àwọn olórin ń dì mú káàkiri, àárín méjèèjì ló wà, fún ìdí èyí kò mọ̀ pé fántọ̀mù wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní fántọ̀mù máa ń jó máìkì dáínámíìkì ń dẹ́rù bà yín lásán ni. Àmọ́ ẹni tó bá tún ní kì í ba nǹkankan jẹ́, bí ẹni tó ta tèmi fún mi ṣe sọ, ẹ má gba tiẹ̀ náà gbọ́, torí ìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì ò bá dọ́gba mọ́ ni wàhálà ń dé, wáyà burúkú ló sì sábà máa ń fà á.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òǹdó pè wá, àwọn kúáyà fẹ́ máìkì kọ́ńdénsà méjì lókè orí wọn, torí náà 48V wà lórí látàárọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oníkíbọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ gbé orin jáde láti inú látọ́ọ̀pù òun, ó mú wáyà kan jáde tí wọ́n bá a jó pọ̀ lọ́jà, jákì fóònù kékeré lápá kan, kánọ̀n lápá kejì, ó sì kì í bọ ẹnu kẹrin. Ó dún gbàà nínú sípíkà. Orin jáde ṣá, ìsìn lọ. Nígbà tó dé ilé ló pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, etí òsì látọ́ọ̀pù mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ o." Ó pààrọ̀ íafóònù, bákan náà ni. Èmi ló ni míksà, èmi ni mo gbé e lọ, èmi náà ni mo sanwó kí wọ́n tó bá a tún bọ́ọ̀dù ohùn ẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo tú wáyà yẹn wò, ọ̀rọ̀ hàn kedere. Ẹni tó jó o so ẹsẹ̀ kẹta mọ́ ẹsẹ̀ kìíní, ó wá gbé etí òsì látọ́ọ̀pù sí ẹsẹ̀ kejì. Fóòtì 48 tó wà ní ẹsẹ̀ kẹta lọ sílẹ̀ tààrà, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan ju kó mú rẹsítọ̀ inú míksà gbóná díẹ̀. Tẹsẹ̀ kejì ló lọ bá látọ́ọ̀pù, sákíìtì tó ń gbé ohùn jáde níbẹ̀ ò sì ju oníná kékeré lọ, fóòtì ẹ̀ ò tó márùn-ún. Àwọn kan á ní rẹsítọ̀ óòmù 6,800 yẹn kì í jẹ́ kí iná tó ń kọjá ju mílí-áńpíà 7 lọ, kí ló wá lè jó? Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́. Kapásítọ̀ wà lẹ́nu ibi tí máìkì ń bá wọ míksà, ẹ̀yìn rẹsítọ̀ yẹn ló wà, lápá ibi tí kébù wà. Bí fántọ̀mù bá ti wà lórí, kapásítọ̀ yẹn ti kó fóòtì 48 sínú, ó ń dúró. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ki nǹkan tó lọ sílẹ̀ bọ ẹnu yẹn nígbà tí iná wà, á da gbogbo ohun tó kó sínú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rẹsítọ̀ óòmù 6,800 yẹn ò sì sí lójú ọ̀nà tó máa dá a dúró. Gbàà tẹ́ ẹ gbọ́ nínú sípíkà nìyẹn. Ó lè ba ohun tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ jẹ́, ó sì lè ba ẹnu míksà fúnra ẹ̀ jẹ́, ẹnu yẹn á wá máa hó tàbí kí ohùn ẹ̀ lọọlẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Ká ní míksà tó wà níbẹ̀ ní bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ẹnu kúáyà méjì nìkan ni iná á wà, ẹnu kẹrin á gbẹ, wáyà burúkú yẹn á kàn jẹ́ wáyà burúkú lásán. Gbogbo ìyàtọ̀ owó àárín méjèèjì nìyẹn lójú tèmi.

Ohun míì tó ń kú gan-an ni máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ, ti fóònù, táwọn pásítọ̀ àti oníkọ́ńtẹ́ǹtì ń rà nítorí pé kò wọ́n. Fóòtì méjì sí mẹ́ta ni fóònù ń fún un, ìwọ̀nba tí ọ̀pọ̀ orí kékeré tó ń gbọ́ ohùn nínú ẹ̀ sì lè gbà ò ju bíi mẹ́wàá lọ. Ẹ wá fi adápítọ̀ lásán so ó mọ́ kánọ̀n. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: iná tó ń fà ò ju ìdajì mílí-áńpíà lọ, ìdajì yẹn nínú óòmù 6,800 á jẹ fóòtì 3.4 péré, ó ṣẹ́ ku 44.6 fún máìkì oní-mẹ́wàá. Ó lè má kú lójú ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ máa hó, ohùn á wá máa jìnnà. Adápítọ̀ tó ń sọ fóòtì 48 di kékeré wà lọ́jà, Rode VXLR+ jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, VXLR tí kò ní àmì + lẹ́yìn kì í ṣiṣẹ́ yẹn, wọ́n sì jọra bí ìbejì nínú páálí.

Máìkì ríbọ́n ńkọ́? Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ tí ẹ bá rí i rà, tíńrín ni irin inú ẹ̀, tín-ín-rín ju bébà lọ, kébù tó já sínú tàbí jákì tí wọ́n ń kì bọ̀ nígbà tí iná wà lè nà án tàbí kó já a. Àwọn ríbọ́n tó ní sákíìtì nínú ni kò ní wàhálà yìí, àwọn yẹn tiẹ̀ nílò fántọ̀mù. Risífà máìkì aláìníwáyà: ọ̀pọ̀ ló ti ní ìdáàbòbò lẹ́nu kánọ̀n ẹ̀, ẹ wo ìwé ẹ̀. Dáínámíìkì tí kébù ẹ̀ bàjẹ́: ohùn á tẹ́ẹ́rẹ́, á máa fọ́, torí bíi fóòtì méjì ti ń ti wáyà inú ẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, ẹ pààrọ̀ kébù, ó sábà máa ń bọ̀ sípò.

Kí n má bàa ṣojúsàájú, oní-bọ́tìnnì kan náà ní ìyì tiẹ̀. Kò wọ́n, ó fúyẹ́, ẹni tó bá jẹ́ máìkì dáínámíìkì nìkan ló ní ò ní tẹ 48V yẹn títí ayé. Tí ẹ bá ti rà á, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹnu jákì ńlá kì í gba fántọ̀mù lórí míksà wọ̀nyí, kódà èyí tó jẹ́ ihò kan náà ni kánọ̀n àti jákì ńlá ń bá wọlé, ẹsẹ̀ kánọ̀n nìkan ni iná ń lọ. Torí náà látọ́ọ̀pù àti kíbọ́ọ̀dù, ẹ máa fi jákì ńlá gbé wọn wọlé. Tó bá jẹ́ kánọ̀n lókù, ẹ ra páásífù díáì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi so látọ́ọ̀pù tàbí kíbọ́ọ̀dù mọ́ ẹnu kánọ̀n, transifọ́mà tó wà nínú ẹ̀ ò ní jẹ́ kí iná fántọ̀mù kọjá sí òdì kejì. Tàbí kẹ́ ẹ ra àpótí fántọ̀mù kékeré tó ń jókòó láàárín máìkì kọ́ńdénsà kan àti míksà, kẹ́ ẹ wá pa 48V míksà pátápátá. Bẹ́ ẹ bá sì ro owó díáì méjì mẹ́ta àti àpótí méjì pọ̀ mọ́ ti míksà olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ tún ẹ̀ rò lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ra a, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ mú mítà táwọn oníná ń lò dání. Ẹ tan 48V, ẹ fi wáyà dúdú kan ẹsẹ̀ kìíní, pupa kan ẹsẹ̀ kejì, ẹ tún gbé pupa sí ẹsẹ̀ kẹta. Láàárín 44 sí 52 ló yẹ kẹ́ ẹ bá ní méjèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ẹsẹ̀ kejì sí ẹsẹ̀ kẹta, òdo ló yẹ kẹ́ ẹ rí tàbí ohun tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, tó bá jẹ́ fóòtì kan tàbí méjì, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un. Ẹ wá pa 48V, ẹ fi mítà síbẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe máa pọ̀ tó kó tó wálẹ̀ sí òdo, torí iye yẹn lẹ gbọ́dọ̀ máa dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan tàbí ki nǹkan bọ̀ ọ́.