Ife mẹ́fà, òjé inú gíléèsì, àti láàbù tí mo gbé wọn lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ tí mo gba èsì àkọ́kọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni ǹ bá fún wọn. Ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ tí mo gba èsì ìkẹyìn, bóyá mẹ́rin ni ǹ bá sọ. Mi ò ní dárúkọ láàbù náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin amọ̀kòkò ẹgbẹ́ mi mọ̀ ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó ka owó sílẹ̀, ibi yòówù tí ẹ bá gbé tiyín lọ.

Ife àti àwo ni mò ń mọ, ìtòsí Tákìé ni mo sì ti ń tà wọ́n. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń mọ kì í ní gíléèsì. Omi èèpo èso igi irú ni wọ́n ń wọ́n sí i lára nígbà tó bá ṣì gbóná. Tèmi ní gíléèsì, ìyẹn ìyẹ̀fun dígí tí iná ń yọ́ mọ́ ara amọ̀ tó fi ń dán. Lésìí, mo ra gíléèsì aláwọ̀ ewé kan nínú àpò tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Kíá ló ń yọ́, iná kékeré ló sì ń fẹ́, ó wá ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, àmọ́ nígbà tó yá, ohun tó dùn mọ́ mi yẹn gan-an ló wá ń bà mí lẹ́rù, torí pé bí òjé, irin tó jẹ́ májèlé fún ara, ṣe ń ṣe nínú gíléèsì nìyẹn. Bàbà ló sì ń fún un ní àwọ̀ ewé. Bí bàbà bá wà nínú gíléèsì olójé, ohun kíkan máa ń fa òjé jáde nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ògì, sóbò àti omi ọsàn ni àwọn oníbàárà mi ń fi ife náà mu, kò sì sí èyí tí kò kan nínú wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi ní kí n fọ́ ife kan, kí n mú àfọ́kù rẹ̀ wá. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi ásíìdì náítíríìkì sè é, wọ́n fi ẹ̀rọ AAS, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn òjé, wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fún mi ní ìwé: mílígíráàmù 1,900 nínú kílò kan. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé mi dé ilé. Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo wá rí i pé ìbéèrè tí mi ò béèrè ni wọ́n dáhùn. Òjé tó wà nínú àfọ́kù ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe èyí tí yóò bọ́ sínú ohun mímu. Kò tilẹ̀ ka òjé inú àfọ́kù náà tán, nítorí ásíìdì náítíríìkì nìkan kì í yọ́ dígí pátápátá. Ásíìdì fúlórín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ń wọ ara lọ bá eegun, tí mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nítorí ife mi. Wọ́n gba owó mi kí wọ́n tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ mọ̀. Ìràwọ̀ kan lọ níbẹ̀.

Èyí tó yẹ ni pé kí wọ́n da ásíìdì sínú ife odindi, kí wọ́n wá wọn ohun tó bá fà jáde. Mo padà lọ, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló wá dá mi lóhùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ gbé ife mẹ́fà wá láti inú iná kan náà." Méjìlá ni mo gbé lọ, ó sì dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n fi omi tí kò ní iyọ̀ kankan ṣàn wọ́n, wọ́n wá da ásíìdì asẹ́tíìkì ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí wọn títí ó fi ku mílímítà bíi mẹ́fà sí méje kó kan etí ife. Ásíìdì inú fínígà nìyẹn. Wọ́n bò wọ́n, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko, ní yàrá tí ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 20 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin náà mọ oṣù kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iná lọ lóru, ẹ̀rọ amúlétutù kú, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, yàrá ti di 31. Ásíìdì tó bá gbóná ń fa òjé ju èyí tó tutù lọ, nítorí náà èsì yẹn kò lè bá ìlànà mu mọ́. Wọ́n fẹ́ kí á kàn tún ásíìdì dà sínú ife kan náà, mo kọ̀. Àkọ́fà máa ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú òjé tó wà lójú gíléèsì lọ, ife tí a ti fà lẹ́ẹ̀kan yóò sì dà bí ẹni mímọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni ife mẹ́fà yòókù ti wúlò. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ gbé iná náà mọ́jú, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Ẹ̀rọ AAS náà rọrùn láti ṣàlàyé. Gílóòbù kan wà tí wọ́n fi òjé ṣe inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí òjé nìkan mọ̀ ló sì ń tàn. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ náà gba inú iná gáàsì kọjá, wọ́n á fín omi tí a fẹ́ wọ̀n sínú iná náà bí ìrì, òjé tó bá wà nínú rẹ̀ yóò gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí òjé bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó sọnù ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n lo ìmọ́lẹ̀ 217.0 nanómítà, torí pé ibẹ̀ ni òjé ti ń gbé e mì jù.

Bọ̀dá tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà pè mí wá wo ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó sọnù sínú omi ife àkọ́kọ́: 0.009, lẹ́yìn náà 0.012, lẹ́yìn náà 0.008. Nọ́ńbà náà ò dúró sójú kan. Ó ní òjé bí ìdajì mílígíráàmù nínú lítà kan kéré jù fún iná gáàsì láti wọ̀n dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ààlà tí mo ń bẹ̀rù wà. Nítorí náà ó fún omi náà pọ̀. Ó wọn mílílítà 100 sínú bíkà, ó da ásíìdì náítíríìkì mílílítà márùn-ún sí i, ó gbé e sórí iná nínú àpótí tí ń fa èéfín jáde. Kò jẹ́ kó hó, nítorí bí ó bá ta sókè, òjé ti bá a lọ nìyẹn. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn bíi fínígà fún wákàtí bíi mẹ́ta, títí ó fi ku díẹ̀ nísàlẹ̀ bíkà, kò sì jẹ́ kó jóná. Ó wá fi ásíìdì náítíríìkì fẹ́lẹ́ sọ ọ́ di mílílítà mẹ́wàá péré. Ó gbé ásíìdì asẹ́tíìkì lásán, tí kò wọ ife kankan, gba ọ̀nà kan náà, kí a lè mọ̀ bóyá bíkà tàbí ásíìdì fúnra rẹ̀ ló ń bu òjé sí i. Òfo ni ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Èrè kejì tún wà nínú sísè yìí. Ásíìdì asẹ́tíìkì kì í fín bí omi lásán ṣe ń fín, bí a bá sì fi í wé omi ìdíwọ̀n, ìyẹn omi tí a ti mọ iye òjé inú rẹ̀, tí wọ́n fi ásíìdì náítíríìkì pò, èsì á yẹ̀. Nígbà tí a ti sè é kúrò, omi tiwa àti omi ìdíwọ̀n di ọ̀kan náà.

Àmọ́ kì í ṣe òjé nìkan ló di ìlọ́po mẹ́wàá. Gbogbo iyọ̀ tí ásíìdì fà láti ara gíléèsì náà di ìlọ́po mẹ́wàá pẹ̀lú, ohun tó sì fẹ́ ba tèmi jẹ́ nìyẹn. Èsì ife kìíní jáde: 0.61 mg/L. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ife ìmu kan ju 0.5 lọ. Ìlànà Yúróòpù ti ọdún 1984 fàyè gba 4.0, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn sùn.

Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó ti yẹ̀ ẹ́ wò: ó da òjé tó mọ iye rẹ̀ sínú omi mi, mílígíráàmù méjì nínú lítà kan, lẹ́yìn náà mẹ́rin, nọ́ńbà sì gòkè bó ṣe yẹ, láti 0.139 sí 0.184 sí 0.230. Ó ṣírò rẹ̀, 0.61 náà ló tún bọ́ sí. Ọkàn mi ò gbà. Àyẹ̀wò yẹn dára láti fi mọ̀ bóyá nǹkan kan ń dín agbára òjé kù nínú iná, tàbí ó ń gbé e ga. Kò lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ń dí ìmọ́lẹ̀ náà. Iyọ̀ tí kò jóná tán máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bí eruku ọyẹ́ ṣe ń dí iná ọkọ̀, pàápàá ní 217.0, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ òjé. Iye kan náà ló ń bù lé gbogbo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ìgòkè wọn kò yí padà. Mo ní, "Bọ̀dá, gílóòbù dutéríọ́ọ̀mù ńkọ́?" Ìyẹn ni gílóòbù kejì tí ń wọn ohun tí kì í ṣe òjé, kí ẹ̀rọ lè yọ ọ́ kúrò. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó dákẹ́. Wọn ò tàn án.

Ó tàn án, ó dúró títí ó fi gbóná dáadáa, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. 0.139 di 0.101. Pẹ̀lú òjé tó dà sí i, ó di 0.146 àti 0.192. Ìgòkè náà kò yí padà, 0.091 fún mílígíráàmù mẹ́rin. Ẹ fi 0.091 pín 0.101, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: 4.4 nínú omi tí a fún pọ̀, 0.44 mg/L nínú ife. Ó tún fi ìmọ́lẹ̀ 283.3 wọ̀n ọ́n, níbi tí òjé kì í ti í gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìdíwọ́ kéré, ó bọ́ sí 0.45. Ìgbà yẹn ni mo gbà á gbọ́. Ìràwọ̀ kejì ni wọ́n pàdánù síbẹ̀, nítorí bí mi ò bá béèrè ni, èsì èké ni ǹ bá gbé lọ sílé.

Èsì ife márùn-ún yòókù jáde lọ́jọ́ kejì: 0.31, 0.36, 0.29, 0.52, 0.38. Bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kò pé 0.4, ẹnìkan ní láàbù sì bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ti ife kì í ṣe ti pípín dọ́gba; ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààlà. Mo yí èyí tó gba 0.52 padà, mo wo àmì tí mo fín sí ìdí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ààrò ló jókòó sí, níbi tí iná kì í ti í dé dáadáa, gíléèsì ara rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Gíléèsì tí kò yọ́ tán kì í di òjé mú.

Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni wọ́n gbà lórí ife kọ̀ọ̀kan, sísè wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà, bí a bá ka òru tí iná lọ mọ́ ọn. Wọ́n ti wá kọ ọ́ sórí ìwé wọn báyìí pé gílóòbù dutéríọ́ọ̀mù wà ní títàn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò. Ife tó kù nínú iná yẹn, mo ti lu ihò sí ìdí gbogbo wọn; òdòdó ni mo gbìn sínú wọn, àpò gíléèsì náà sì wà ní dídì ní igun àgbàlá mi, kò ní wọ ààrò mi mọ́.