Lẹ́tà tí ayàwòrán fi gba lógò ọwọ́ mi: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Aṣọ ni mo ń rán. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ya lógò tí mo fẹ́, mo wá gba ayàwòrán kan pé kó bá mi tún un ṣe kó lè dán. Kò tún un ṣe. Lẹ́tà ojú ewé méjì ló fi ránṣẹ́, òun pẹ̀lú lógò mìíràn tó jẹ́ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí òwú inú ihò rẹ̀ tẹ̀ di lẹ́tà S tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ iṣẹ́ mi. Mo bínú. Ṣé abẹ́rẹ́ lásán ni mo sanwó fún ni?

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú tèmi ná. Téèpù ìwọnṣọ ló yí i po, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín, àlùmọ́gàjí àti róòlù òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ wọn ni orúkọ mi, nọ́ńbà fóònù, àti “A ń rán aṣọ ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé.” Àwọ̀ márùn-ún ni, wúrà tó ń dán sì wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹni bá rí i á mọ gbogbo iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú lẹ́tà náà ni pé kò bá mi jiyàn lórí ẹwà. Ìwọ̀n ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn. Nígbà tí lógò yín bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, lẹ́tà inú rẹ̀ ga ní mìlímítà 4. Lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ yín kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́tà náà á wá ku mìlímítà 1.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ kọ lẹ́tà sára aṣọ pẹ̀lú òwú, kí ó tó ṣeé kà dáadáa, ó yẹ kó ga tó mìlímítà 5 tàbí kó sún mọ́ ọn. Tí a bá ní ká fi tèmi dé ìwọ̀n yẹn, lógò náà á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, á sì bo gbogbo àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ aránṣọ ló bá mi sọ. Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ó tún ní kí n tẹ lógò mi sórí bébà kó kéré, kí n fi han ẹni tí kò rí i rí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí n yí bébà dé, kí n sì bi í pé kí ló rí. Ẹnì kan ní àlùmọ́gàjí. Ẹnì kejì ní aago ògiri! Téèpù tó yí po, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, ló rí bí aago lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ mi.

Nípa nọ́ńbà fóònù, ó kàn kọ ọ́ pé nọ́ńbà lè yí padà, pé inú káàdì ni àyè rẹ̀ wà. Ó mẹ́nu ba Apple náà: lógò wọn àkọ́kọ́ ní 1976 jẹ́ àwòrán Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó jókòó sábẹ́ igi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yí i ká, ṣùgbọ́n èso tí wọ́n gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1977.

Àbùkù wà o. Lẹ́tà náà sọ pé lógò tuntun á ṣeé fi òwú kọ, àmọ́ nígbà tí a gbé e lọ sórí ẹ̀rọ fún lébẹ́ẹ̀lì, òwú inú àwòrán rẹ̀ tín-ín-rín jù, bí ìdajì mìlímítà, ó sì rì sínú aṣọ. Abẹ́rẹ́ hàn, S kò hàn. Ó ní láti mú un nípọn tó mìlímítà 1, ó sì fẹ ihò abẹ́rẹ́ náà kó má baà dí. Ó yẹ kó ti dán an wò lórí aṣọ kó tó kọ lẹ́tà, nítorí bébà àti òwú kì í ṣe bákan náà. Ohun mìíràn tí kò sọ ni pé àìmọye aránṣọ ló ń lo abẹ́rẹ́. S yẹn nìkan ló ya tèmi sọ́tọ̀, èyí ló sì jẹ́ kí n má gbà nígbà tó fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí a fẹ́ fi ṣe òǹtẹ̀.

Fáìlì tó kọ́kọ́ fún mi náà, PNG nìkan ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe pátákó ẹnu ọ̀nà, etí rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Mo béèrè SVG, èyí tí kì í fọ́ bó ti wù kó tóbi tó, ó sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì láìgba owó kún un.

Tèmi àtijọ́ kò kú pátápátá. Ayàwòrán náà kó àlùmọ́gàjí, téèpù àti róòlù òwú inú rẹ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe bátànì fún inú àpò tí mo fi ń kó aṣọ fún oníbàárà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹwà jù. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, òwú tó rì sínú aṣọ yẹn ló gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀.