Mẹ́nù orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé oúnjẹ: ṣé ọ́dà ń dé ilé ìdáná lóòótọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò mẹ́nù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan dára, kó má wo fọ́tò oúnjẹ inú rẹ̀. Kó lọ dúró sí ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀, kó wò ó bóyá àwọn tó ń dáná mọ̀ pé ọ́dà wọlé. Ibẹ̀ ni mo fojú sí jù nígbà tí mo ń lo èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ló ti tẹ́ mi lọ́rùn, ibẹ̀ náà ló sì ti bí mi nínú.

Oṣooṣù la ń sanwó ètò náà. Wọ́n á fún yín ní ojú-ìwé mẹ́nù tí ẹ lè so mọ́ ìkànnì tiyín, ibi tí ẹ ti máa kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí àti èyí tí ẹ ń tì, àti áàpù kan tó ń gba ọ́dà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì nílé ìdáná. Ilé oúnjẹ tí mo ń bójú tó kò tóbi, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kàn jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń da ọbẹ̀ sínú abọ́ náà ló máa fọwọ́ tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì.

Kíkọ mẹ́nù sínú rẹ̀ kò le. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, àwọn ohun tí oníbàárà lè yàn mọ́ ọn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè sọ pé yíyàn kan jẹ́ dandan, bí irú ẹran, tàbí pé kò pọn dandan, bí ata. Ẹ má kàn gbé PDF mẹ́nù sókè kí ẹ sọ pé iṣẹ́ parí o, torí oúnjẹ tó bá tán kò ní kúrò nínú PDF. Nínú èyí, ẹ̀ẹ̀kan la máa tẹ “ó ti tán lónìí”, oúnjẹ náà á kúrò lójú oníbàárà, á sì padà fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ló kọ́kọ́ fún wa níṣẹ́. Aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, ni wọ́n gbé sórí rẹ̀ látilẹ̀, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí aago ibi tí ẹ wà bá yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú-ìwé yín á máa sọ pé ẹ ti tì nígbà tí iná wà lórí ààrò. Ẹ yan orúkọ ìlú, ẹ má yan “UTC+” kan, torí níbi tí wọ́n ti ń yí aago padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, orúkọ ìlú nìkan ló máa bá a yí. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ ṣí ojú-ìwé náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí ẹ ṣí, kí ẹ tún un ṣí lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lókè kò bá yí padà, nǹkan ń bẹ níbẹ̀.

Ohun kejì ni òru. Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń ṣí, aago méjì òru la ń tì. Fọ́ọ̀mù wọn kọ̀ jálẹ̀, ó ní àkókò títì kò lè ṣáájú àkókò ṣíṣí. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni pé kí a pín in sí méjì: ọjọ́ Ẹtì láti 18:00 sí 23:59, ọjọ́ Àbámẹ́ta láti 00:00 sí 02:00. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá wo wákàtí ọjọ́ Àbámẹ́ta lójú-ìwé wa á rò pé òru nìkan la ń ta oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀, nínú kóòdù tí àwọn ẹ̀rọ ìwákiri ń kà, kò sí ìdí fún pínpín kankan. Bí wákàtí títì bá kéré sí ti ṣíṣí, wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kejì ló jẹ́:

```json
{
  "@type": "OpeningHoursSpecification",
  "dayOfWeek": "Friday",
  "opens": "18:00",
  "closes": "02:00"
}
```

Mo fọwọ́ ara mi kọ èyí sí ìkànnì wa, mo sì pa tiwọn.

Àmọ́ o, wákàtí tí ẹ ń tì yàtọ̀ sí wákàtí tí ẹ máa gba ọ́dà gbẹ̀yìn. Ká ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ ń tì, tí oúnjẹ sì ń gbà tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì kó tó jáde. Bí ojú-ìwé bá ń gba ọ́dà títí di 22:00, ẹni tó bá san owó ní 21:55 ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń fọ ìkòkò. Ètò yìí ní àyè tí a lè fi dá ọ́dà dúró ṣáájú títì. Lọ́jọ́ tí a bá ń tì ní aago mẹ́wàá, 21:20 ni mo fi tiwa sí, ìjà ilé ìdáná sì rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìròyìn ọ́dà lè gbà wọlé: íméèlì, tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Íméèlì dára fún àkọsílẹ̀ nìkan. Ó lè pẹ́, ó lè já sínú àpótí ìdọ̀tí, kò sì sẹ́ni tó ń ka íméèlì nídìí ààrò.

Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ohun méjì ló ń pa ìró. Bí ẹ bá ń lo ojú-ìwé ọ́dà nínú bùráúsà dípò áàpù, bùráúsà kì í jẹ́ kí ojú-ìwé dún títí ẹnì kan fi fọwọ́ kàn án. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kú tó sì tún tàn láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ tẹ nǹkan kan, ọ́dà á wọlé láìdún. Bó bá jẹ́ áàpù lẹ ń lò, Android fúnra rẹ̀ lè mú un sùn kó lè fi bátìrì pamọ́. Ẹ wọ ibi ìtò bátìrì, ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ yọ ìdíwọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn kò sọ èyí rárá, ó sì yẹ kó jẹ́ ojú-ewé àkọ́kọ́.

Bó tiẹ̀ dún, ṣé wọ́n gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìró wọn máa ń dún bí a kò bá tún un ṣe. Màmá tó jẹ́ olórí ìdáná wa ló sọ ọ́ fún mi tààrà: “Ọmọ mi, èyí tó dún lẹ́ẹ̀kan yẹn, fáànù ti gbé e mì.” Àyè kan wà tí a lè tẹ̀ kó máa dún títí ẹnì kan á fi gba ọ́dà. A tẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, bí ọ́dà bá wọlé ní 19:04, á máa dún títí màmá á fi tẹ “gbà á”, tí á sì yan ìṣẹ́jú mélòó: ogún, ọgbọ̀n tàbí márùndínláàádọ́ta. Ohun tó bá yàn ni oníbàárà máa rí lórí fóònù rẹ̀. Bí ọwọ́ bá dí, ó máa ń yan márùndínláàádọ́ta, ẹjọ́ “ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni” sì ti dín kù púpọ̀.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbà á, ètò náà á fagi lé ọ́dà, á sì sọ fún oníbàárà. Mo gba ti èyí, torí ẹni tó mọ̀ pé kò sí oúnjẹ sàn ju ẹni tó jókòó tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ibi tó ti dùn mí ni ti owó. Owó káàdì ni wọ́n máa ń gbà tán lójú ẹsẹ̀ tí ọ́dà bá wọlé, kò dúró de pé kí ilé ìdáná gbà á. Nítorí náà, ọ́dà tí wọ́n fagi lé di owó tí a ní láti dá padà, ó sì lè pẹ́ ní báǹkì oníbàárà fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n kàn di owó náà mú, kí wọ́n tó gbà á nígbà tí ilé ìdáná bá tẹ “gbà á”. Àwọn tó ń ṣe ètò ìsanwó ti ní àyè fún irú èyí tipẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn, èsì tí wọ́n fún mi kò ju “a ti gbọ́”.

Ẹ kíyè sí ọ́dà ọ̀la náà. Ẹni tó bá ń pa oúnjẹ ọ̀sán láṣẹ ní aago kan òru, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ilé ìdáná tí wọ́n ti tì, ọ́dà á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àyè kan wà tó ń jẹ́ kí kíkà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí, àmọ́ pípa ni wọ́n pa á látilẹ̀. Ẹ lọ tàn án.

Ohun kan tí wọ́n ṣe dáadáa ni ti íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá já. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa Wáì-Fáì ilé ìdáná, mo sì fi fóònù mi wo mẹ́nù bí oníbàárà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú-ìwé náà fi sọ pé a kì í gba ọ́dà báyìí, tí bọ́tìnnì ìsanwó sì kú. Ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó sanwó fún ètò èyíkéyìí. Bí ó bá ṣì ń gba owó nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti gé kúrò, ẹ sá.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kù. Èyí tó ń lo bébà onígbóná oníbùú mílímítà 80 la rà, wáyà la sì fi so ó, torí Bluetooth máa ń gé. Ó yára, àmọ́ wàhálà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà. Oníbàárà kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ́dà rẹ̀ pé “ẹ má fi ẹ̀pà sí i”, ohun tó jáde lórí bébà ni “? má fi ??pà sí i”. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀pà ń gbòdì lára rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ náà kò ní àwọn tó ní àmì lábẹ́, nítorí náà ó ń fi àmì ìbéèrè dí ààyè wọn. Bí ẹ bá yan kó tẹ̀ ẹ́ bí àwòrán dípò bí lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ á jáde bó ṣe yẹ, á kàn fà díẹ̀. Kí ẹ sì má tan “gba ọ́dà fúnra rẹ” pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Bí bébà bá tán, oníbàárà á rí i pé a ti gba ọ́dà òun, ilé ìdáná kò sì ní mọ nǹkan kan.

Mo ṣì ń lò ó, mi ò sì ní lọ́kàn láti yí i padà báyìí. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá ṣe àtúnṣe ti owó yẹn, màá sọ ọ́ di mẹ́rin. Ìkarùn-ún ń dúró de ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù wọn bá gbà pé aago méjì òru wà.