Bátìrì ínfátà méjì, owó tí kò pé, àti àpótí tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan jẹ́ ti bí wọ́n ṣe tètè gbé ọjà dé ilé, èkejì jẹ́ ti pé owó tó wọlé kò pẹ́ rárá. Mẹ́ta yòókù bá fọ́ọ̀mù ìdápadà owó wọn lọ, nítorí fọ́ọ̀mù náà lè gba ẹ̀tọ́ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfura.

Ọjà náà ni bátìrì olómi méjì, 12V, 220Ah. ₦320,000 ni ẹyọ kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦640,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò gba ẹrù mọ́. Oníṣẹ́ iná cháàjì wọn kún, ó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mítà sì ka 12.6V lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíríìjì àti fáànù gùn wọ́n, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi já sísàlẹ̀ 10.5V. Mítà nìkan láìsí ẹrù kò lè tú irú àṣírí yìí. Ẹ ya fọ́tò nọ́ḿbà tó wà lára bátìrì àti ti mítà, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà kí ọjà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti padà, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Ontàjà ní òun á dá ₦400,000 padà, pé "ẹ ti lò ó". Àpótí kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wọn tí wọ́n kọ "full and final settlement" sí. Ohun tó ń sọ ni pé owó yìí ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù kò ní lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀yin àti ontàjà bá ń jiyàn lórí iye owó, tí ẹ wá gba iye kan pé ó parí ọ̀rọ̀, àdéhùn tuntun ni ẹ ti ṣe yẹn, òun ló sì máa ń pa gbèsè àtijọ́ rẹ́ níwájú adájọ́.

Ímeèlì ni ó tọ́, kí owó tó wọlé, sí àdírẹ́sì kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín:

"Mo gba ₦400,000 tí ẹ fẹ́ san gẹ́gẹ́ bí apá kan owó tí ẹ jẹ mí lórí bátìrì méjì tí mo rà. N kò gbà á pé ó parí ọ̀rọ̀. ₦293,000 ló kù: ₦240,000 lára owó ọjà, ₦35,000 owó àyẹ̀wò, ₦18,000 owó ọkọ̀ tó gbé e padà. Ẹ̀tọ́ mi láti béèrè rẹ̀ ṣì wà. Bí ẹ kò bá fẹ́ san ₦400,000 náà gẹ́gẹ́ bí apá kan, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ka ímeèlì náà, wọn kò fèsì, wọ́n sì san owó ní ọjọ́ kejì. Ó ṣòro fún wọn láti sọ lẹ́yìn náà pé ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n san. Ká ní wọ́n fèsì pé "ìparí nìkan la máa san", ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ kò lè mú owó kí ẹ sì ta àdéhùn tó bá a wá nù. Ẹ gbà á tàbí ẹ kọ̀ ọ́. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ti já sí àkáǹtì yín, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà pé apá kan lẹ gbà á sí, àti pé ẹ ṣetán láti dá a padà bí wọn kò bá fara mọ́ ọn. Ẹ má tíì ná an. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú alẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Bí "ìparí" bá wà níbẹ̀, ẹ tako ó lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀: àwọn èèyàn máa ń kọ "WITHOUT PREJUDICE" sórí irú lẹ́tà yìí, wọ́n rò pé ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Lẹ́tà ìdúnàádúrà ló wà fún, kí wọ́n má baà gbé e síwájú adájọ́. Ìwé tí ẹ fẹ́ fi jẹ́rìí lẹ wá fi ọwọ́ ara yín dì pa yẹn.

Ní Èkó, kóòtù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ lè gba ₦293,000 yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè gbèsè, fọ́ọ̀mù SCA1, ránṣẹ́ sí ontàjà. Iye tó dájú ni kóòtù náà ń fẹ́. Ẹja tó jẹrà nínú fíríìsà ní òru tí iná lọ kò sí nínú ìṣirò yìí, torí kò sí rìsíìtì tó sọ iye rẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ àpótí yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù, màá fi ìràwọ̀ kan kún un.