Wọ́n ti owó mi mọ́lé: ọ̀rọ̀ mi lórí áàpù tí mo ń tọ́jú USDT, dọ́là orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí

N ò ní sọ bí áàpù wọn ṣe ń yá tó tàbí iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ń lò ó ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo bá wá.

Ní agogo 9 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù mi. Wọ́n ní owó kankan ò ní jáde fún wákàtí 24. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Guangzhou fi àdírẹ́sì TRC-20 tuntun tí máa fi USDT rẹ̀ ránṣẹ́ sí ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi í kún àkójọ àwọn àdírẹ́sì tí mo fọwọ́ sí, torí ibẹ̀ nìkan ni owó mi lè lọ.

Ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, agogo 9 lù, mo ní kí owó máa lọ. Ó lóun ò lọ! Àṣé àdírẹ́sì náà ní wákàtí 24 tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ìgbà tí mo fi í sí i. Títì ti pásíwọ́ọ̀dù ti ṣí, owó lè lọ sí àwọn àdírẹ́sì mi àtijọ́, àmọ́ ti ọ̀gá Ṣáínà di agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Agogo 4 tiwa, agogo 11 alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù dìgbà yẹn?

Mo bọ́ sórí ṣáàtì wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kàn ń lẹ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ mi lójú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù.” Mo bú u díẹ̀. Wọ́n gbé mi fún obìnrin kan, òun ló bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mo ní ṣé kí n pa àkójọ àdírẹ́sì yẹn kí n lè fi owó ránṣẹ́ síbi tó wù mí. Ó ní, “Ẹ má dán an wò o, sà. Bí ẹ bá pa á, wákàtí 24 mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀.” Mo ní kí ó bá mi ṣí i. Ó ní òṣìṣẹ́ kankan ò ní bọ́tìnnì rẹ̀: olè tó bá wọlé sórí àkáǹtì èèyàn, pásíwọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ń pààrọ̀, lẹ́yìn náà á fi àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i, bí ẹ̀bẹ̀ bá lè ṣí i, olè náà mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀.

Ibẹ̀ ni ara mi ti rọ̀. USDT tó bá ti jáde ò ṣeé pè padà bíi ti báńkì. Mo yẹ ìmeèlì wò: lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí mi lójú ẹsẹ̀ nígbà méjèèjì, pẹ̀lú irú fóònù tí mo lò àti ibi tí mo lè tẹ̀ kí gbogbo àkáǹtì dì pa bí kì í bá ṣe èmi. Ìyẹn dáa gan-an ni. Ẹnì kan lórí Télígíráàmù ní òun á bá mi ṣí i fún 20 USDT. Ẹ ò rí ọ̀bàyéjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí 24 méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kà? Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tètè gba àdírẹ́sì náà, kí n ṣe méjèèjì lọ́wọ́ kan náà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Owó mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn o, n ò kó o lọ síbì kankan.