Láptọ̀ọ̀pù nìkan tàbí kọntirólà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa so àmápíánò mọ́ fújì lóde Ìlọrin

Ìbéèrè tí ẹni tó ń ra irinṣẹ́ díìjéè ní Ìlọrin kọ́kọ́ máa ń bi ọlọ́jà ni pé, “Ṣé ó ní SYNC?” Bọ́tìnnì tó ń mú kí ìlù orin méjì máa rìn pọ̀ ni SYNC, gbogbo wọn ló sì ní in. Ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni bí irinṣẹ́ náà ṣe máa ṣe nígbà tí orin tí àwọn onílù fọwọ́ lù bá délẹ̀. Òde tiwa kì í parí sórí àmápíánò. Àwọn àgbà á ní kí ẹ fi fújì sí i, ẹlòmíràn á bèèrè dadakúàdà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Ó máa ń tẹ́tí sí orin látòkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí ohùn ti bẹ́ sókè lójijì, ó sì ń wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ló ti ń mú BPM jáde, ìyẹn iye ìlù tó ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó máa ń fa ìlà sórí orin, ìlà kan fún ìlù kan. Tí ẹ bá tẹ SYNC, ìlà orin kan ló ń tò mọ́ ìlà orin kejì. Tí ìlà kò bá bọ́ sórí ìlù látilẹ̀, ariwo ni ẹ óò gbọ́, bó ti wù kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba tó.

Àmápíánò kì í dà á láàmú. Kọ̀ǹpútà ló lù ú, 112 tó bẹ̀rẹ̀ ni 112 tó parí. Fújì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ni wàhálà. Mo ní ọ̀kan tó gùn tó ìṣẹ́jú méjìlá. Mo fọwọ́ ka ìlù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko níbẹ̀rẹ̀, mo rí 98. Mo tún un kà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ti di 104, torí pé ara àwọn onílù ti gbóná. Ẹ̀rọ tó gbà pé ìyára orin kì í yí padà fún un ní 101 látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo ohun tí ìyẹn já sí: níbẹ̀rẹ̀, ìlà fi mẹ́ta yá ju ìlù lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ká tiẹ̀ ní wọ́n jọ gbéra, láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá péré, ìlà ti fi odindi ìlù kan ṣíwájú. Ẹni tó bá so orin mọ́ ọn níbẹ̀ máa gbọ́ gìdìgìdì bí ẹṣin tó ń sáré, ẹsẹ̀ àwọn oníjó á sì dàrú.

Àṣìṣe kejì tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ìlù wa máa ń pín ẹsẹ̀ kan sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń retí méjì tàbí mẹ́rin. Torí náà orin 98 yẹn lè jáde ní 147, ìyẹn ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lóde ìgbéyàwó kan ní Tanke. Mo tẹ SYNC sí 112, ẹ̀rọ fa 147 wálẹ̀, ìlù gidi sì bọ́ sí nǹkan bí 75. Ohùn olórin ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìyá ìyàwó yíjú sí mi lójú agbo. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi orin ìlù àfọwọ́lù kankan sí òde láì fi ìka ka á ná.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá fi àwọn irinṣẹ́ wéra.

Fóònù nìkan: ẹ fi kọ́ṣẹ́ nílé. Ihò ohùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní, ẹ ò sì ní lè gbọ́ orin tó ń bọ̀ ní hẹ́dífóònù dáadáa nígbà tí àwọn èèyàn ń gbọ́ èyí tó wà lórí.

Láptọ̀ọ̀pù pẹ̀lú `Mixxx`: ọ̀fẹ́ ni sọ́fíwíà náà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún títún ìlà ṣe. Nínú ètò rẹ̀, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `Assume constant tempo`, ẹ wá jẹ́ kó ka orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé onílù. Tó bá mú 147 jáde, ẹ yan `2/3 BPM`, ó di 98 lójú ẹsẹ̀. Àbùkù rẹ̀ wà nínú ọwọ́: kò sí àwo tí ẹ lè tì díẹ̀ nígbà tí ìlù bá yẹ̀, kíbọ́ọ̀dù sì le fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò tún ra káàdì ohùn USB kan, kí hẹ́dífóònù lè ní ọ̀nà tirẹ̀.

Kọntirólà DDJ-FLX4 pẹ̀lú sọ́fíwíà `rekordbox`: káàdì ohùn wà nínú rẹ̀, ara láptọ̀ọ̀pù ló sì ti ń gba iná, èyí tó ṣe pàtàkì nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dìde. Ẹ yan `Dynamic` dípò `Normal` fún orin àfọwọ́lù kí ẹ tó jẹ́ kó kà wọ́n. Kò ní `2/3`. Ìlọ́po méjì àti ìdajì ló ní, nítorí náà ìka yín ni ẹ óò fi tẹ ìlù títí nọ́ńbà tòótọ́ á fi jáde. Àmọ́ àwo rẹ̀ àti ọ̀pá ìyára rẹ̀ ni mò ń sanwó fún. Ẹ lè fẹ ààyè tí ọ̀pá náà ní láti yí ìyára orin padà, láti 6% sí 10% tàbí 16%.

Kọntirólà Hercules Inpulse 300 ní iná tó ń fi ọfà hàn yín pé ibi báyìí ni kẹ́ ẹ fa ọ̀pá sí. Ó dára fún ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì là. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹ̀rọ fà ni iná náà ń tẹ̀ lé, tí ìlà bá sọnù, ọfà á sọnù pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ìwọ̀n ọ̀pá nìyí. Ẹ fẹ́ gbé fújì 98 lọ bá àmápíánò 112. Tí ẹ bá fa fújì nìkan, 14.3% ni, ó ti pọ̀ jù. Èmi máa ń pàdé wọn láàárín, ní 105: fújì gòkè ní 7.1%, àmápíánò sọ̀kalẹ̀ ní 6.25%. Ọ̀pá tó dúró sí 6% kò ní lè dé ibẹ̀, 10% ló máa ṣe é. Mo sì máa ń pa bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí ohùn gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ìyára bá yí. Tó bá wà ní títàn, ó máa ń gé ohùn gángan já wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń yọ̀. Tí mo bá pa á, gbogbo ohùn jọ gòkè ni, àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ kò yí padà, ohun tí gángan ń sọ ṣì yé àwọn èèyàn. Níbi tí mo ti fẹ́ jáde, mo máa ń ká ìlù mẹ́jọ kan kó máa yí po, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀, torí ohun tó ń yí po kò lè yára sí i mọ́. Àmápíánò á wá wọlé sórí rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó mú láptọ̀ọ̀pù rẹ̀, `Mixxx` àti káàdì ohùn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gba òde, DDJ-FLX4 ni kó rà. Ẹ má torí orin tí ọlọ́jà fi dánwò sanwó, torí orin kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń fi dánwò. Ẹ mú fújì tiyín dání nínú fíláàṣì, ẹ fọwọ́ ka ìlù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nílé, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo bí nọ́ńbà ẹ̀rọ ṣe sún mọ́ tiyín tó, kí ẹ wá sún lọ sí ìparí orin, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ṣì wà lórí ìlù níbẹ̀.